Ta Ló Ru Ẹgbẹ̀rún Mẹ́rin?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dúró síwájú pátákó dúdú tó wà ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ omi, ó ń wo ìṣirò tí àbúrò rẹ̀ kọ síbẹ̀, ojú rẹ̀ sì le koko. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò o. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣí fáàfù, tó ń ti fáàfù fún gbogbo ìlú, kọ́kọ́rọ́ irin tó gùn dé èjìká rẹ̀ ló sì fún un lórúkọ tí wọ́n ń pè é. Bó bá fi ọ̀pá irin kan páìpù, tó gbé etí lé e, yóò sọ fún ọ bóyá omi ló ń lọ níbẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ lásán. Ohun tó bà á nínú jẹ́ ni pé ìṣirò náà mọ́ tónítóní, kò sì rí ibi tí yóò ti mú un.

Àbúrò rẹ̀ yìí ni gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹnjiníà. Níbi iṣẹ́, òun ni ọ̀gá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá délé, òun ni wọ́n ń rán níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Pọ́ǹpù méjì ni iléeṣẹ́ náà ní, ọ̀kan ti kú, tuntun kò sì ní dé títí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èyí tó kù kò lè ti omi sókè kó tún tì í sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, gbogbo àárọ̀ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi í fún àwọn ará òkè, àwọn ilé bíi mélòó kan tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Wákàtí mẹ́ta ni páìpù wọn fi ń kún kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó já bọ́, wákàtí kan péré ni omi sì fi ń ṣàn. Ohun tí wọ́n bá pọn sínú àgbá láàárín wákàtí kan yẹn ni wọn yóò lò títí Ìṣẹ́gun mìíràn. Kò sí bí a ṣe lè gé e kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, àgbá yóò gbẹ. Ní àárọ̀ yẹn kan náà, ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ ìlú a máa ṣe tọ́ tọ́ tọ́ bí imú ọmọ tí òtútù mú, ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ọgọ́rùn-ún èèyàn ìsàlẹ̀ a sì fi wákàtí kan kún ìdúró rẹ̀ lórí ìlà.

Ẹnjiníà fẹ́ kí wọ́n ti fáàfù òkè pa fún ọ̀sẹ̀ márààrún.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nílé ẹ̀kọ́ gíga ló ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ẹ̀kọ́ náà sọ pé kò sí ìwà tó dára tàbí tó burú fúnra rẹ̀. Ohun tó bá bí ni kí a wò. Kó ìrora gbogbo ẹni tó kàn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó ìtura wọn jọ sí ìkejì, kí o sì wo èyí tó wúwo. Wo bó ṣe mú tó, bó ṣe máa pẹ́ tó, bóyá ó dájú, bóyá ó súnmọ́, ohun mìíràn tó máa bí tó bá yá, àti iye èèyàn tó máa kàn. Ọba jẹ́ ẹnì kan, agbálẹ̀ jẹ́ ẹnì kan, kò sí ẹni tó jẹ́ ẹnì kan ààbọ̀. Ọ̀nà tó bá mú ire tó pọ̀ jù lọ wá lápapọ̀, òun ló tọ́ láti gbà.

Ó wá tọ́ka sí pátákó. Wákàtí kan lórí ìlà, ó fún un ní máàkì ìrora kan ṣoṣo. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ọgọ́rùn-ún èèyàn, máàkì 4,100 lọ́sẹ̀. Ará òkè tí kò bá ní omi yóò máa sọ àtẹ̀gùn igba ó lé mẹ́rìnlá kalẹ̀, yóò sì máa gbé korobá gùn ún padà, nítorí ọkọ̀ kankan kò lè gun ibẹ̀; ó fún un ní ogójì lọ́sẹ̀. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógójì: 1,720. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó dúró síbẹ̀, ó sọ ogójì náà di ọgọ́rin, ó sì jẹ́ 3,440. Síbẹ̀ kò tó 4,100.

“Màmá ńkọ́?” Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bi í, nítorí orí òkè yẹn ni ìyá tó bí àwọn méjèèjì ń gbé.

“Mo ka Màmá mọ́ ọn. Ẹnì kan ni wọ́n.”

Ó sọ ọ́ láìwo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn bu ọlá fún un. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá tí a mọ̀ ni yóò jẹ́ kí omi ìyá tiẹ̀ dá nítorí àwọn tí kò mọ̀ rí? Ká ní olè ni àbúrò yìí, tàbí aláìláàánú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá ti mọ ibi tí yóò gbá a mú. Ọmọlúwàbí ni, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ó wá ku ohun kan. Ẹnjiníà fẹ́ kí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sọ fún àwọn ará òkè pé páìpù ló bẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló yẹ kó sọ ọ́, torí obìnrin náà ni wọ́n gbà gbọ́. Òun náà ló yẹ kó ti fáàfù, torí fáàfù àtijọ́ ni, ọwọ́ òsì ló ń yí sí bó bá ń tì, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò dá a lọ́rùn.

Obìnrin náà kò jiyàn. Ó ní kó fún òun di ìrọ̀lẹ́, òun fẹ́ lọ ka àwọn èèyàn náà fúnra òun. Ó ti pinnu pé òun yóò fi ìṣirò já ìṣirò.

Ó gun òkè. Ilé kìíní, ilé kejì, ó ń kànlẹ̀kùn, ó ń béèrè iye èèyàn tó sùn síbẹ̀ lánàá, ó ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí pépà àpò símẹ́ńtì. Kò pẹ́ tó fi rí àṣìṣe àbúrò rẹ̀, àṣìṣe tó jẹ́ pé ará iléeṣẹ́ omi nìkan ló lè ṣe é: inú káàdì mítà ló ti ka èèyàn. Káàdì mítà kì í bímọ, kì í sì í gba àlejò. Aránṣọ tó wà ní ilé kẹta ní ọmọ iṣẹ́ méjì tó ń sùn sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Tíṣà mẹ́ta yá yàrá kan. Ọmọ ọwọ́ kan wà tí ìwọ́ ìdodo rẹ̀ kò tíì já bọ́. Bàbá kan ti àjò dé, kò sì lọ mọ́. Káfíńtà tó ti orí òrùlé ṣubú wà lórí ibùsùn láti oṣù mẹ́jọ, ìyàwó rẹ̀ ń wẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bó, ìyá ìyàwó sì ti wá ràn án lọ́wọ́. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kó wọn jọ: mẹ́jọ ni káàdì gbàgbé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fò lórí òkúta bí ọmọdé.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló jókòó sí láti ṣe ìṣirò náà. Mọ́kànléláàádọ́ta, lọ́nà ọgọ́rin. Ó ṣe é tán, ó wò ó. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń fi ìka kà á.

4,080. Ogún ló kù kó tó 4,100.

Ó ju pẹ́ńsù sílẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń ká aṣọ gbígbẹ, béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́, àti irọ́ páìpù bíbẹ́ náà. Kò ti ọkàn rẹ̀ wá pé kó sọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ta ló lè wo ojú ìyá rẹ̀ kó parọ́ nípa omi tó ń mu?

Ìyá náà ká aṣọ kan tán kó tó sọ̀rọ̀. “Ó tọ́ tó kà mí sí ẹnì kan. Àbí mo ti di méjì ni?” Ó rẹ́rìn-ín. “Bó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ẹ tì í. Màá wá jókòó tì ọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, màá máa bá ọkọ rẹ jà. Tèmi ni, mo lè fi í sílẹ̀. Àmọ́ mi ò lè mú ti káfíńtà tọrẹ. Ṣé ẹ bi í?”

“Irọ́ la fẹ́ pa fún un, Màmá. A ò fẹ́ bi í.”

“Orí yéye ní mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀,” ni ìyá náà wí, ó sì mú aṣọ mìíràn.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń sọ̀ kalẹ̀, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Gbogbo ìrètí rẹ̀ ló gbé lé ìṣirò náà, ó sì ti já a kulẹ̀. Ní ìdajì àtẹ̀gùn, ó pàdé ìyàwó káfíńtà tí omi àgbá rẹ̀ ti tán ní ọjọ́ kan ṣáájú, tó ń gbé korobá bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó bá a gbé e fún àtẹ̀gùn mẹ́wàá. Korobá náà wúwo, etí rẹ̀ ń gé e lọ́wọ́, ó sì ń ronú pé bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn bá gbé korobá kọ̀ọ̀kan lónìí, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gbé ju ọ̀kan lọ. Ibẹ̀ ló dúró. Ó gbé korobá kalẹ̀. Ìyàwó káfíńtà rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó kí i kú iṣẹ́, ó gba ẹrù rẹ̀, ó ń lọ. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ yí padà, ó sì ń sáré bọ̀ wá sí iléeṣẹ́ omi.

Ẹnjiníà ṣì wà níwájú pátákó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ti káàdì fún un. Ó gbà láìjiyàn, ó nu mẹ́tàlélógójì, ó kọ mọ́kànléláàádọ́ta. Ó ṣe ìṣirò náà. Òun náà rí ogún tó kù.

“Bí ìyàwó kan bá bímọ lókè lálẹ́ òní ńkọ́?” ni ẹ̀gbọ́n bi í.

Ó ronú. “Méjìléláàádọ́ta. 4,160. Á ju tìsàlẹ̀ lọ. A ò ní tì í nìyẹn.”

“Nítorí ọmọ kan, ohun tó dára lónìí á di ibi lọ́la?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣáà gbọ́dọ̀ ní ibi tí òṣùwọ̀n ti máa yí.” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn.

“Ó dáa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tìsàlẹ̀ yìí, ta ló rù ú?”

Kò yé e.

“Mo ní ta ló rù ú? Fi ẹni náà hàn mí. Ará òkè tó ní ọgọ́rin, mo mọ̀ ọ́n, mo bá a gbé korobá lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó káfíńtà ni. Ọgọ́rin yẹn wà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo, òun ló ń jí bá a, òun ló ń sùn tì í. Níbo lẹni tó ru ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wà? Kò sí. Ẹni tó fara gbá jù nísàlẹ̀, wákàtí kan ló dúró. Ìwọ lo kó wákàtí gbogbo wọn jọ sórí pátákó, o wá sọ ọ́ di òmìrán kan tí kò sí níbì kankan, o sì ní kí a fi àwọn tó wà bọ́ ọ.”

Ẹnjiníà jókòó. Ó ní àríyànjiyàn tí àwọn alátakò ẹ̀kọ́ náà máa ń mú wá nìyẹn gan-an: pé ó ń ṣe bí ẹni pé gbogbo aráyé jẹ́ ara kan ṣoṣo, tó lè jẹ ìyà níbí kó gbádùn lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó ní wọ́n tún máa ń sọ pé tí iye àwọn tó máa jèrè bá ṣáà ti pọ̀ tó, kò sí ohun tí ẹ̀kọ́ náà kò lè ní kí a fi ojú àwọn díẹ̀ rí. Ó ní òun mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ká fi rọ́pò rẹ̀? Ṣé kí a má ka àwọn púpọ̀ ni? Wákàtí tìsàlẹ̀ kì í ṣe àlá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pàdánù ẹ̀kọ́ kìíní. Ó ní àwọn kan nínú ẹ̀kọ́ náà gbà pé òfin ló yẹ kí a wọ̀n, kì í ṣe ìwà kọ̀ọ̀kan: bí gbogbo ìlú bá mọ̀ pé iléeṣẹ́ lè gé omi ẹnikẹ́ni tí kò bá pọ̀, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ mọ́, nítorí náà òfin “a kì í gé omi ẹnikẹ́ni” ló ń mú ire tó pọ̀ jù wá. Inú ẹ̀gbọ́n fẹ́ dùn, àfi ìgbà tí àbúrò fi kún un pé òun kò rí ìdí tí èèyàn fi máa pa òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tó bá dá a lójú pé rírú u ló máa mú ire wá, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀.

Ibẹ̀ ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti rántí irọ́ náà. Ó bi í léèrè ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ pé páìpù ló bẹ́.

Ẹnjiníà ṣí ìwé rẹ̀ fún un, torí kì í fi nǹkan pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Ó tún wọn ṣe pẹ̀lú iye tuntun. Bí wọ́n bá ti fáàfù tí wọ́n sì sọ òótọ́: 4,080 tòkè, pẹ̀lú 600 fún ìbínú, ìjà, àti ìbẹ̀rù àwọn àdúgbò kéékèèké mìíràn pé ó lè kàn wọ́n lọ́la. Àpapọ̀, 4,680. Ó ju 4,100 lọ. Títì í burú. Bí wọ́n bá tì í tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀: 4,080. Títì í dára.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. “Ohun kan náà ni a fẹ́ ṣe fún àwọn èèyàn kan náà. Bí wọ́n bá mọ̀, ó burú. Bí a bá tàn wọ́n jẹ, ó dára.”

“Bí ìṣirò ṣe sọ nìyẹn.”

“Irọ́ ló gbé e dúró, nígbà náà.”

Ẹnjiníà pa ìwé náà dé. Ó ní òun lè kọ̀wé pé ẹ̀gbọ́n òun kọ iṣẹ́, kí wọ́n fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó kọ ọ́, kó má sì gbàgbé láti kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n pínyà láìkí ara wọn.

Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò lọ sí ìdí fáàfù lọ́wọ́ kan. Ó kọ́kọ́ lọ sí ibi ẹ̀rọ omi tó tóbi jù nísàlẹ̀, níbi tí ìlà ti gùn yí igun ilé ká, ó sì sọ fún wọn, ní gbangba, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, iye àwọn tó kàn, iye wákàtí tí wọn yóò jèrè, àti irọ́ tí wọ́n fẹ́ kí òun pa. Kò ṣe é bí oníwàásù. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka mítà. Ó ní òun kò ní ti fáàfù náà, pé àwọn ni yóò sì fara gbá a.

Gbogbo wọn kò pàtẹ́wọ́ o. Bíríkìlà kan ní ìwà òmùgọ̀ ni kí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dúró de àádọ́ta. Obìnrin kan ní kí wọ́n kó àwọn ará òkè wá sísàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àmọ́ nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tí yóò gba káfíńtà sílé, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá arúgbó kan láti àdúgbò kékeré tó wà lẹ́bàá afárá béèrè bóyá tàwọn ló kàn lẹ́yìn òkè. Ariwo sọ.

Inú ariwo yẹn ni Ẹnjiníà bá wọn. Ó dúró, ó gbọ́, ó sì mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n òun ti ṣe. Ó tẹ̀lé e dé ìdí fáàfù, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

“Wọ́n ti mọ̀,” ó ní. “Ó ti di 4,680. Ẹ ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ìṣirò ti wà lẹ́yìn yín.”

Ó rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Obìnrin náà ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, kò sì tíì yí i.

“Bó bá tún yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Bí ìbínú wọn bá rọ̀, tí 600 rẹ di mẹ́wàá?”

Ẹnjiníà wo òkè. Láti ibi tó dúró, ó rí òrùlé ilé ìyá rẹ̀. Ó jẹ́ olóòótọ́ dé òpin.

“N kò mọ̀,” ó ní.

“Èmi mọ̀.”

Ó fi àyà ti kọ́kọ́rọ́, ó yí i sọ́wọ́ ọ̀tún, fáàfù ké, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà àwọn ará ìsàlẹ̀ rọra fà gùn sí i. Ìyá ọmọ ilé ìwé kan tó di korobá òfìfo mú wá bá a, ó ní ọmọ òun yóò tún pẹ́ lónìí, wọn yóò sì nà án.

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá,” ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dá a lóhùn. “Èmi ni mo fà á. Sọ fún tíṣà rẹ̀ pé èmi ni.”

Ó sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin gbáko, nínú oòrùn, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bínú lè rí ẹni tí yóò bínú sí.